Ìlà funfun nínú mẹnísíkọ́ọ̀sì: ṣé ó ya lóòótọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ́ṣẹ́ rédíógíráfì l'Ádó-Èkìtì. Lánàá, ọ̀gá mi ní kí n ka MRI orúnkún kan kí n tó rí ohun tí dókítà kọ. Ọmọkùnrin ọdún 27 ló ni ín. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá tí orúnkún fi yí, láti ìgbà náà ẹsẹ̀ kò nà tán mọ́. Lórí SAG PD, àwòrán tí a gé láti ẹ̀gbẹ́, ègé mílímítà 4, mo rí ìlà funfun ní ìwo ẹ̀yìn mẹnísíkọ́ọ̀sì apá òde, tìmùtìmù tó wà láàárín egungun orúnkún. Ó kan etí lórí ègé kan ṣoṣo. Mo kọ "ó ya". Ọ̀gá kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà lọ wò ó. Kí ni mo ṣì?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Májíkì áńgù ni. Ìwo yẹn ń gòkè lọ sí àárín orúnkún. Tí fọ́nrán rẹ̀ bá fi nǹkan bíi dígírì 55 dagun sí òòfà ẹ̀rọ, á funfun lásán. Wò ó lórí T1, kò ní sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ya orúnkún ọkọ mi ní ẹ́síréè, wọ́n ní kò sí nǹkan, síbẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn. Ṣé wọ́n purọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Ìyá Ìbejì, wọn ò purọ́. Egungun ni ẹ́síréè ń fi hàn, mẹnísíkọ́ọ̀sì kì í hàn níbẹ̀. Ẹ mú wọn lọ bá dókítà egungun.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, o gbà á dé ìdajì. TE, ìyẹn àkókò tí ẹ̀rọ ń dúró kó tó gba àmì, kúrú lórí T1 náà bíi ti PD, ìlà yẹn á ṣì wà. T2 tí TE rẹ̀ gùn, bíi mílísẹ́kọ́ńdì 80, ni kó lọ wò.

Àbúrò, tó bá kan etí lórí ègé méjì, a lè kọ "ó ya". Tó bá jẹ́ ọ̀kan, "ó ṣeé ṣe" là ń kọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn ni ọ̀gá rẹ ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹsẹ̀ tí kò nà tán, ó ṣeé ṣe kí nǹkan há sínú rẹ̀. Apá inú ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí o ka iye ègé tí mẹnísíkọ́ọ̀sì ti jọ bótáì, tí iwájú àti ẹ̀yìn nípọn, tí àárín tín-ínrín. Lórí ègé mílímítà 4, ó yẹ kó tó méjì. Tí kò bá tó, wá èyí tó ya lọ ní àárín orúnkún. Á dúdú bí okùn kejì lábẹ́ PCL, okùn ẹ̀yìn tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó: Yéè! Bótáì kan péré ni. Okùn kejì náà wà níbẹ̀, mo ti rò pé PCL ló pín sí méjì. Ìlà apá òde ti pòórá lórí T2. Àmọ́ lórí COR PD FS, àwòrán tí a gé láti iwájú tí a sì pa ọ̀rá rẹ́ nínú rẹ̀, kátíléèjì egungun itan lápá inú ní àmì funfun kan.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Ṣé ó dé egungun? Ṣé egungun abẹ́ rẹ̀ náà funfun? Wò ó lórí SAG PD FS. Ibi tí egungun ti yípo, ègé lè gé kátíléèjì àti omi pọ̀, á wá dà bí ihò.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Èmi á kọ ọ́ pé kátíléèjì ti bàjẹ́ o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó: Egungun abẹ́ rẹ̀ kò funfun. SAG PD FS ni a yà kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ó mira, gbogbo rẹ̀ rú. Mo kọ bótáì àti okùn kejì sílẹ̀. Ti kátíléèjì, mo fi àmì ìbéèrè sí i.