Ìmọ̀ràn: Tíọ́rì awakọ̀ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, áàpù wo ló dára jù?

Àdùkẹ́ Thamesmead
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò tíọ́rì awakọ̀ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti féèlì lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ kẹ́à ilé-dé-ilé ni mò ń ṣe, mo sì máa pé ọdún kan ní UK níbí láìpẹ́. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kíá, tí kò ní kúrò lórí mi? Áàpù wo ni kí n lò? Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn lónìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Áàpù kọ́ ni. Ìwé òfin ojú pópó ni kó o kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi kà á mọ́jú ọjọ́ ìdánwò, mo sì yege.

Ìyá Ìbejì
O yege torí pé kò tíì pé wákàtí díẹ̀ tó o kà á tí wọ́n fi bi ọ́. Lónìí yìí, Ọmọ Ìjẹ̀bú, tí mọ́tò bá ń sáré 50 máìlì, mítà mélòó ló máa lọ kó tó dúró? Má wo ìwé.

Àdùkẹ́, káàdì ni mo fi ṣe tèmi. Mo gé páálí, mo kọ ìbéèrè síwájú, mo kọ ìdáhùn sẹ́yìn. Àpò mẹ́ta ni mo ní: àpò ojoojúmọ́, àpò ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, àti àpò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Káàdì tí mo bá dáhùn dáadáa, á bọ́ sínú àpò tó kàn. Èyí tí mo bá ṣì, kódà kó ti dé àpò ọ̀sẹ̀, ó padà sí ti ojoojúmọ́ nìyẹn. Wo ti ìdúró mọ́tò: tó bá ń sá 20 máìlì, mítà 12, 30, mítà 23, 40, mítà 36, 50, mítà 53, 60, mítà 73, 70, mítà 96. 12 àti 23 kò pẹ́ rárá lọ́wọ́ mi. 53 àti 73 ni mo máa ń fi ṣe ara wọn, àwọn ló wá pẹ́ jù nínú àpò ojoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá wọn fà á. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yẹn ni pé mi ò fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí mo ti mọ̀.

Ohun kan ṣáá: fẹnu sọ ìdáhùn kó o tó yí káàdì. Tó o bá kọ́kọ́ yí i, ó máa dà bíi pé o mọ̀ ọ́n, o ò sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá Àlàmú
Ẹ fi mítà sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà ló rọrùn. 20 lọ́nà méjì, 40. 30 lọ́nà méjì àbọ̀, 75. 40 lọ́nà mẹ́ta, 120. Ẹ ṣáà máa fi àbọ̀ kún un títí ẹ ó fi dé 70 lọ́nà mẹ́rin àbọ̀, 315. Kò sí káàdì kankan níbẹ̀. Àdùkẹ́ ọmọ mi, má sì bẹ̀rù. Apá tó o bá ti yege nígbà àkọ́kọ́, wọn ò ní bi ọ́ mọ́, èyí tó o féèlì nìkan lo máa tún ṣe.

Ṣọlá Olùkọ́ Awakọ̀
Bàbá, ẹ má bínú sà. Ìṣirò ẹsẹ̀ bàtà yín péye, mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn mi náà. Àmọ́ ti apá yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó kan náà lèèyàn gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìbéèrè àti nínú fídíò tí wọ́n fi ń wò bóyá èèyàn tètè rí ewu ojú pópó. Téèyàn bá gba 50 nínú 50 lápá ìbéèrè, tó wá kùnà lápá fídíò, méjèèjì ló máa tún ṣe, á sì tún san £23 rẹ̀.

Àdùkẹ́, gbogbo wa ń dá ọ lóhùn, o ò sì tíì sọ apá tó ti kùnà. Máàkì mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún ọ?

Ṣàléwá
Ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ kó tó pẹ́ jù. Ẹ má ṣe sanwó kíláàsì ọlọ́jọ́ márùn-ún fún ẹnikẹ́ni! Olùkọ́ kan gba owó tó ju owó oṣù mi lọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ la wà nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ ràńdábáòtù, ràńdábáòtù nìkan la ń yí po, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, mò ń ṣe é bí ẹni tó ti ń wakọ̀ tipẹ́. Ọjọ́ kejì, páàkì àfẹ̀yìnrìn, bákan náà. Tí mo bá ṣì í, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni "tún un ṣe." Kò sọ bóyá ọwọ́ ni, bóyá ojú ni, bóyá mo yára jù. Wọ́n wá sún ìdánwò mi síwájú. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo dé ràńdábáòtù àkọ́kọ́, mi ò mọ ìlà tó yẹ kí n wà. Wọ́n kọ àṣìṣe ńlá kan sílẹ̀ fún mi, ó parí nìyẹn. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ṣẹ́gun Leeds
Pẹ̀lẹ́ o, Ṣàléwá. Ṣùgbọ́n má fi tìẹ ba ti gbogbo èèyàn jẹ́. Irú kíláàsì yẹn ni mo ṣe tí mo fi yege.

Ṣàléwá
Ṣé o ti ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ṣẹ́gun Leeds
Bẹ́ẹ̀ ni, Ìbàdàn ni mo ti ń wakọ̀. Ohun tó kù mí kù ni wíwo jígí kí n tó yà àti wíwo ẹ̀yìn èjìká kí n tó gbéra. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbàgbé, olùkọ́ mi máa ní kí n dúró, á ní "jígí wo lo wò?"

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Nǹkan méjì ni wọ́n ń tún ṣe lára rẹ. Ṣàléwá ń kọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ yẹn máa po ràńdábáòtù àti páàkì pọ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì tún padà sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ṣàléwá
Ẹ ṣáà má sanwó fún wọn. Mo ti sọ tèmi.

Àkàndé
Ẹ̀yin ará, kí ló kan Àdùkẹ́ nínú kíláàsì ojú títì? Tíọ́rì ló bèèrè. Àmọ́ Àdùkẹ́, ṣé o mọ̀ pé tíọ́rì nìkan kò ní jẹ́ kó o máa dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Lásẹ́ńsì Nàìjíríà kò ṣeé pààrọ̀ níbí, oṣù 12 láti ọjọ́ tó o ti di olùgbé ló ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kó o lẹ L mọ́ mọ́tò, kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tó sì ti ní lásẹ́ńsì tiẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, jókòó tì ọ́, títí wàá fi yege ti ojú títì. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ báyìí.

Àdùkẹ́ Thamesmead
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, mo gba 46 nínú ìbéèrè, mo gba 38 nínú fídíò. Ó yà mí lẹ́nu torí mo ti ń wakọ̀ l'Ékòó ọjọ́ ti pẹ́.

Ṣọlá Olùkọ́ Awakọ̀
Ó dáa tó o sọ. O yege ìbéèrè, torí 43 ni wọ́n ń fẹ́. Fídíò ni 44 nínú 75, o fi mẹ́fà péré kùnà. Tó o bá ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí pa káàdì, ohun tó o mọ̀ ni wàá tún máa mọ̀ sí i. Máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo káàdì Ìyá Ìbejì lójúmọ́ kí 46 yẹn má bàa wálẹ̀, kí o fi ìyókù gbájú mọ́ fídíò.

Wíwakọ̀ l'Ékòó yẹn gan-an lè wà nídìí rẹ̀. Fídíò 14 ni wọ́n máa ń fi hàn, ewu kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn àyàfi ẹyọ kan tó ní méjì. Ewu kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba àkókò tí máàkì fi ṣí sílẹ̀: tẹ máòsì ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o gba 5, bó o ṣe ń pẹ́ ló ń dín kù títí dé òdo. Ṣùgbọ́n tó o bá tẹ̀ ẹ́ kí àkókò yẹn tó ṣí, òdo ni. Fi ọkàn yàwòrán mọ́tò funfun kan tó páàkì lápá òsì. Awakọ̀ Èkó ti rí i látòkèèrè, ó ti mọ̀ pé ó lè jáde láìfi iná hàn, ló bá tẹ̀. Kò tíì di ewu lójú ẹ̀rọ. Ìgbà tí iná ọ̀tún rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tàbí tí táyà iwájú bá yí, ìgbà yẹn ló dé. Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀. Má wá máa tẹ̀ ẹ́ léraléra ní déédéé o, ẹ̀rọ á gbà pé ò ń ṣe àrékérekè, á sì fún ọ ní òdo fún gbogbo fídíò yẹn.

Bó o ṣe máa fi dánra wò nìyí. Fídíò mẹ́rin lójúmọ́, tó o kò tíì wò rí. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, padà wo ibi tí máàkì ti ṣí, kí o kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí sílẹ̀: "mo yá jù", "mo pẹ́", tàbí "mi ò rí i". Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wàá mọ èyí tó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ "mo yá jù", títẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló máa tún un ṣe. Tó bá jẹ́ "mi ò rí i", dá fídíò dúró níbi tí nǹkan bá ti ń bọ̀, fẹnu sọ ohun tó o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí o tó jẹ́ kó lọ. Wo apá òsì dáadáa. Ọ̀tún ni a ń gbà wakọ̀ nílé, òsì ni etí ọ̀nà wà sí ọ níbí, òsì lọmọdé ti máa sá bọ́ sójú títì níwájú rẹ.

Má tún fídíò kan náà wò kó o wá máa fi máàkì rẹ̀ yangàn, o ti mọ ibi tí ewu wà nínú rẹ̀. Fi odidi 14 kan pamọ́ tó o kò ní fọwọ́ kàn, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni kó o ṣe é lẹ́ẹ̀kan, láìdá dúró. Iye tó o bá gbà níbẹ̀ ni kó o gbà gbọ́. Bó bá wà nísàlẹ̀ 50, o ṣì lè sún ọjọ́ síwájú láìpàdánù owó, tó bá ṣì ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta gbáko. Ní ti áàpù, èyí tó bá ṣáà ti ń fi ibi tí máàkì ti ṣí hàn ọ́ ti tó. Ti DVSA fúnra wọn, àjọ tó ń bójú tó ìdánwò náà, ń fi hàn.

Ìyá Ìbejì
Jókòó sókè bọ́ọ̀sì 177, iwájú pátápátá, láti Thamesmead dé Peckham. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ di ewu, sọ ọ́ lọ́kàn rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
53. Mo wo ìwé.

Àdùkẹ́ Thamesmead
Ẹ ṣé o, mo dúpẹ́ púpọ̀. Alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́, oorun ni mò ń sùn nínú bọ́ọ̀sì, mi ò ní lè ṣe ti 177. Áàpù tí ọ̀gá mi ń lò ni mo rà, ó ń fi ibi máàkì hàn. Àǹtí Ṣàléwá, ẹ má bínú, mo ti san ìdajì owó kíláàsì ọlọ́jọ́ márùn-ún tipẹ́, n ó lọ. Mi ò ní sún ìdánwò náà síwájú.

Ṣàléwá
Háà, Àdùkẹ́.

Ṣọlá Olùkọ́ Awakọ̀
Kó o tó san ìdajì tó kù, bi olùkọ́ náà bóyá ó máa sọ ohun tó o ṣì gan-an fún ọ, bóyá á sì fún ọ ní wákàtí kan tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bá bọ́ sí. Fi máàkì fídíò mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ síbí.

Àdùkẹ́ Thamesmead
Mo ti ṣe é: 0, 3, 0, 5. Òdo àkọ́kọ́, mo yá jù. Ìkejì, ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ ni, ó wà lápá òsì, mi ò rí i rárá.

Ṣọlá Olùkọ́ Awakọ̀
Òkùnfà wọn kò dọ́gba. Mẹ́rin mìíràn lọ́la, kí o dá a dúró níbi tí kẹ̀kẹ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti kọ́kọ́ hàn.