Àbọ̀ lórí orúkọ ẹgbẹ́ wa tó dàrú

“Ẹ gbà mí o. Orúkọ regbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti dàrú nínú fáìlì: ẹ ti di áº¹, ṣ ti di á¹£. Kí ló fà á?”

Ó ti yanjú, ó ku díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n pààrọ̀ fọ́ǹtì, ẹ ṣeun, àmọ́ fọ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà kan, àpótí òfìfo ló máa ń fi hàn. Ẹ̀gbọ́n tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣágámù ló là á yé mi. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà èdè gbogbo, fi ń kọ ẹ: E1 BA B9. Windows-1252, ìlànà àtijọ́ tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ka báìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Mo ṣí fáìlì náà bíi UTF-8, gbogbo rẹ̀ bọ̀ sípò.

Ẹ̀dà tí mo ti kọ́pì ṣáájú ló ṣòro. Báìtì tó gbẹ̀yìn ọ, 8D, kò ní lẹ́tà nínú Windows-1252, ó ti sọnù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ANSI, ìyẹn Windows-1252 kan náà, pamọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tún burú jù: “?” ló kún inú rẹ̀. Ìyẹn kò ní àtúnṣe. Mò ń tún un tẹ̀.

Ìyá wa tó sọ pé fóònù àwọn kì í gbé àmì abẹ́ jáde, kíbọ́ọ̀dù nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni.