Ìmọ̀ràn: Báwo ni kí n ṣe sọ ìwé ìpè ìpàdé yìí di ìlà méjì?

Akọ̀wéTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìpè tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ wa nìyí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti kà á láàárín iṣẹ́, ẹ bá mi sọ ọ́ di ìlà méjì:

"Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ wa ọ̀wọ́n, a kí yín, a sì dúpẹ́ fún gbogbo akitiyan yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ nígbà tí a pàdé kẹ́yìn, ó yẹ kí a tún jókòó lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ìpàdé tí a fi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní lè wáyé mọ́, nítorí pé akápò ń rìnrìn àjò, a sì ti sún un sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní yàrá ìpàdé òkè. A ó dìbò lórí ìnáwó náà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé ìnáwó tí a ti fi ránṣẹ́ kí ẹ tó wá. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kí ó sọ fún akọ̀wé."

Ṣókí:
Ọjọ́ àti aago nìkan ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí nílò, ìyókù jẹ́ àlàyé. Mo rò pé èyí tó: "Ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀, aago 4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́."

Alátúnṣe:
Ṣókí tọ̀nà dé àyè kan. Ìdúpẹ́ àti ìrìn àjò akápò lè kúrò, nítorí kò sí èyí tí yóò yí ohun tí olùkà máa ṣe padà nínú wọn. Ìdánwò tí mo máa ń lò fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò kan náà yẹ ohun tí Ṣókí yọ kúrò wò. Ẹni tí ó ti kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀, tí ó wá rí "Ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀", lè rò pé ìpàdé méjì ni, kí ó sì wá jókòó síbẹ̀ ní Ìṣẹ́gun. Bí ìpàdé bá yẹ̀, yíyẹ̀ náà ni ìròyìn, kò sì gbọdọ̀ sọnù. "Ọjọ́bọ̀" láìsí ọjọ́ oṣù tún léwu fún ẹni tí kò ṣí fóònù títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nítorí kò ní mọ̀ bóyá ti ọ̀sẹ̀ yìí ni tàbí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdìbò ní tirẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn pa iṣẹ́ mìíràn tì kí ó lè wá.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ìpàdé ìnáwó ti di Ọjọ́bọ̀ 16 Oṣù Kẹwàá, aago 4 ìrọ̀lẹ́, yàrá òkè, kì í ṣe Ìṣẹ́gun mọ́.
A ó dìbò: ẹ ka ìwé ìnáwó kí ẹ tó wá. Ẹni tí kò ní lè wá, kó sọ fún akọ̀wé."

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣáájú. Ìlà tí a tẹ̀ kì í ṣe ìlà tí fóònù ń fi hàn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìlà kan lójú ìfitónilétí kì í gbà ju nǹkan bí 35 sí 40 lẹ́tà lọ, àlàfo sì wà nínú kíkà yẹn. Láti "Ìpàdé" títí dé "Kẹwàá" jẹ́ 36, nítorí náà ẹni tí kò tilẹ̀ ṣí iṣẹ́ tí a rán yóò ti mọ irú ìpàdé tí ó jẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi kíkí ṣíwájú, kíkí nìkan ni yóò rí. Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara yín, kí ẹ pa ojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì wo ohun tí ó yọjú.

Ìyá Àgbà:
Mo ka àlàyé Alátúnṣe, ó sì yé mi, ṣùgbọ́n ìpè tí kò kí ènìyàn rí bí àṣẹ lójú tèmi. Àwọn àgbà wà nínú ìgbìmọ̀, bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọjọ́ àti aago lù wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn yóò wá, ṣùgbọ́n inú wọn kò ní dùn.

Alátúnṣe:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò. Ibi tí ó jókòó sí ni mo fẹ́ kí a yí padà. Ẹ lè fi "Ẹ ṣeun" parí ìlà kejì, kí ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ wá lẹ ìwé ìpè gígùn náà mọ́ ọn nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kíkí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè yóò kà á tán.

Ìyá Àgbà:
Èyí sàn díẹ̀. Síbẹ̀, tí ó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, "Ẹ kú iṣẹ́" yóò ṣáájú, kódà bí ó bá gba lẹ́tà mẹ́jọ nínú ìlà náà.

ỌmọÌwé:
Àkọsílẹ̀ ìpàdé tiwa náà máa ń gùn gan-an. Ṣé ìlà méjì ni kí èmi náà sọ ọ́ dà kí n tó fi pamọ́?

Ṣókí:
Rárá o, ìwé ìpè ni a ń sọ níbí. Àkọsílẹ̀ ni a máa padà sí bí àríyànjiyàn bá dé, ẹ má gé e báyẹn.

Afìṣẹ́ránṣẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, Akọ̀wéTuntun, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni ẹ ó fi rán an? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àmì wọ inú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba 160 lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀ sí 70. Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bíi ẹ́, ni wọ́n ń kà sí méjì. Bí ó bá ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí ẹyọ tí ó ń gba 67, owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sì san. Ìlà méjì Alátúnṣe yóò di ẹyọ mẹ́ta pẹ̀lú àmì, ẹyọ kan péré láìsí àmì.

Èmi máa ń yọ àmì kúrò, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ máa ń wá ọ̀rọ̀ tí yíyọ náà lè dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo "A ó dìbò". Láìsí àmì, ó di "A o dibo", ẹlòmíràn sì lè kà á sí "A ò dìbò", kí ó jókòó sílé. Ẹ fi "Ìdìbò wà" rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì yẹra fún "Ẹ máa wá", nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ọ́ ní "E ma wa", èyí tí ó tún lè jẹ́ pé kí wọ́n má wá.

Alátúnṣe:
Èyí dára gan-an, mo gba "Ìdìbò wà" wọlé, kódà níbi tí àmì bá wà. Èmi kò ní yọ àmì ní tèmi. Ó sàn kí n san owó ẹyọ mẹ́ta.

Akọ̀wéTuntun:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn mélòó kan nínú wọn kò ní ju àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lọ, nítorí náà n ó rán ti aláìlámì sí wọn, n ó sì rán ti alámì pẹ̀lú ìwé gígùn nísàlẹ̀ sí àwọn yòókù. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú: ẹni tí kò ní wá nìkan ni ìlà kejì ní kí ó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ní láti mọ̀ ṣáájú bóyá a ó pé tó láti dìbò. Ṣé kí n ní kí gbogbo wọn fèsì?

Ṣókí:
Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì fi gbèdéke sí i: "Ẹ fèsì Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú." Ẹ fi rọ́pò gbólóhùn "Ẹni tí kò ní lè wá", ẹ má fi kún un.

Afìṣẹ́ránṣẹ́:
Ẹ tún un kà lẹ́yìn náà o. Gbólóhùn Ṣókí fi díẹ̀ gùn ju èyí tí yóò rọ́pò lọ, àyè tó sì ṣẹ́ kù kí ẹ tó dé 160 kò pọ̀.