Síńkì tó ń jẹ kí irin má baà jẹ: kí ni ká máa pè é?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ olùtumọ̀ kan ní Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé kẹ́mísìrì àwọn ọmọ girama ni mò ń túmọ̀. Mo pe ánóòdù ní «òpó rere», mo pe kátóòdù ní «òpó òdì», mo sì pe síńkì tí wọ́n fi ń dáàbò bo irin, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «sacrificial anode», ní «irin ẹbọ». Ṣé wọ́n tọ́?

Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́kọ́lá:
Ọmọ mi, ká ṣì fi ẹbọ sílẹ̀ ná. Rere àti òdì ni kí o kọ́kọ́ yọ, torí wọn yóò ṣi ọmọ lọ́nà. Lára bátìrì tó ń tan iná, ẹnu òdì ni ánóòdù. Nígbà tí a bá sì ń fi iná mànàmáná tú omi iyọ̀ palẹ̀, ẹnu rere ni ánóòdù. Àmì ń yí, iṣẹ́ kì í yí: ibẹ̀ ni ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń kúrò lára nǹkan. Iṣẹ́ yẹn ni kí o fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mú irin pẹlẹbẹ kan, fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán, kí o kán omi oníyọ̀ kan ṣoṣo lé e. Omi náà nípọn láàárín, ọ́síjìn kì í tètè dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ́síjìn ń wọ ibẹ̀ fàlàlà. Nítorí náà, àárín ni irin ti ń yọ́ sínú omi:

Fe → Fe²⁺ + 2e⁻

Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jọ̀wọ́ gba inú irin fúnra rẹ̀ lọ sí etí, ọ́síjìn àti omi sì gbà á níbẹ̀:

O₂ + 2H₂O + 4e⁻ → 4OH⁻

Fe²⁺ tó ń ti àárín bọ̀ pàdé OH⁻ tó ń ti etí bọ̀, ọ́síjìn tún bá wọn dá sí i, ó di ìdógùn-ún pupa. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ rí nìyí: ibi tí ìdógùn-ún kó jọ sí kọ́ ni ibi tí irin ti jẹ. Òrùka pupa ń ṣe bí ẹni pé òun ni ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ àárín ni ihò wà.

Àbá mi ni *ojú-ìjọ̀wọ́* fún ánóòdù, *ojú-ìgbà* fún kátóòdù.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, Àgbọ̀wọ́:
Mo gbè yín lẹ́yìn lórí rere àti òdì. Nígbà tí Michael Faraday ń wá orúkọ fún wọn ní 1834, William Whewell ló bá a ṣà wọ́n láti inú èdè Gíríìkì. Ọ̀nà ìgòkè ni ọ̀kan, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ ni èkejì. Kò sí rere, kò sí òdì nínú wọn.

*Ojú-ìgbà* ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé «ìgbà» bí ìgbà òjò ni. Ohùn wọn kan náà ni, àmì orí ọ̀rọ̀ kò lè yà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo *ojú-gbígbà*.

Kánọ́ọ́ńtà òrùlé, Bẹẹrẹ:
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá sí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń kan páànù. Síńkì ara páànù, aṣọ ni, òjò ni ó ń dí. Àwọn òrùlé pupa tí ẹ ń wò láti Máàpó, aṣọ wọn ló ti gbó. Ẹ pè é ní «aṣọ irin», kò sí ẹbọ kankan níbẹ̀.

Olùkọ́, Mọ́kọ́lá:
Ìwọ náà sọ òtítọ́, àmọ́ ìdajì ni. Aṣọ ni síńkì ní tòótọ́, ó sì pẹ́ ju ọ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n fi ìṣó fa ojú ọ̀dà ya, fa ojú páànù tuntun ya, kí o sì fa ara agolo tí wọ́n fi tánganran bò ya. Aṣọ mẹ́ta ya, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Irin abẹ́ ọ̀dà yóò dógùn-ún. Ti agolo yóò dógùn-ún kíákíá jù ú lọ. Ti páànù yóò fún ẹ̀fun funfun díẹ̀, irin kò sì ní pọ́n.

Ẹ fi fóltì wò ó: síńkì −0.76, irin −0.44, tánganran −0.14. Èyí tó bá relẹ̀ jù ni ó ń yá lára jù láti jọ̀wọ́ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Tánganran àti irin jọ wà nínú omi kan, irin ló ń jọ̀wọ́. Síńkì àti irin, síńkì ló ń jọ̀wọ́:

Zn → Zn²⁺ + 2e⁻

Irin tó hàn lójú ọgbẹ́ páànù wá di ojú-gbígbà. Ọ́síjìn ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, àmọ́ ti síńkì ni ó ń gbà. Aṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó ní ààlà ṣá o: mìlímítà bíi mélòó kan ni síńkì lè dé lójú páànù. Bí ibi tó bó bá fẹ̀, àárín rẹ̀ yóò pọ́n.

Ìyá kan, Bódìjà:
Ẹ ṣeun, sà. Páìpù abẹ́ táǹkì mi ni ẹ bá mi wò. Páìpù onísíńkì ni, púlọ́mbà fi fáàfù idẹ dé e. Ibi tó ti wé mọ́ idẹ ló ti dógùn-ún, ó ti ń jò, ibi yòókù ṣì dán. Ṣé kí n ra síńkì kí n fi kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Olùkọ́, Mọ́kọ́lá:
Kò ní ràn án, Ìyá. Ọ̀nà méjì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín síńkì àti irin: irin tàbí wáyà tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa gbà, àti omi kan náà tí àwọn méjèèjì rì sí. Ara ògiri gbígbẹ kò ní omi yẹn.

Ní tiyín, idẹ ni ojú-gbígbà, páìpù ni ojú-ìjọ̀wọ́. Nígbà tí púlọ́mbà sì gé ojú tó máa fi lọ́ mọ́ fáàfù sí ẹnu páìpù, ó ti ha síńkì ibẹ̀ kúrò, irin ìhòòhò ló wé mọ́ idẹ. Ẹ ní kí ó pààrọ̀ ibi tó jẹ, kí ó fi oríkèé oníke sáàárín páìpù àti idẹ, kí wọ́n má fi ara kan ara mọ́.

Bí ó bá jẹ́ inú táǹkì onírin ni, ẹ lè so síńkì mọ́ ọn lábẹ́ omi. Bí iná tó ń ti ara rẹ̀ jáde bá jẹ́ mìlíáńpù 10 láìdá dúró, síńkì bíi gíráàmù 107 ni yóò lọ lọ́dún kan. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pé ọdún tí kò fúyẹ́ rárá, ẹ má yọ̀: wáyà ti já, tàbí nǹkan ti bò ó lójú.

Ọmọ babaláwo, Ojé:
Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n yìí ló mú mi dáhùn. Ẹbọ, ẹnìkan ni à ń gbé e fún, a ó sì máa retí pé kí ó fín. Ta ló gba síńkì yìí? Ohun tí mo gbọ́ nílé wa tó jọ ọ́ ni ìpààrọ̀: orí ẹran la fi ń dípò orí ènìyàn. *Irin adípò* ni kí ẹ pè é.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, Àgbọ̀wọ́:
Ọ́síjìn ló gbà á, bí a bá fẹ́ jà á débẹ̀. Ṣùgbọ́n *adípò* wọ̀ mí létí. Ó sọ ohun tí síńkì ṣe gan-an: ó bọ́ sí ojú-ìjọ̀wọ́ ní ipò irin.

Olùtumọ̀:
Mo ti kọ *irin adípò* àti *ojú-ìjọ̀wọ́* sílẹ̀. *Ojú-gbígbà* ni mo ṣì ń rò. Ìdógùn-ún ló tún wá dá mi dúró. Irin ń dógùn-ún, Bíbélì sì pè é ní ìpáàrà. Àmọ́ síńkì kì í dógùn-ún, ẹ̀fun funfun ló ń fún. Mo nílò ọ̀rọ̀ kan tó máa kó méjèèjì mọ́ra. Mo kọ «ìjẹrà», olóòtú ní ẹran ló ń jẹrà. Kí ni kí n lò?

Kánọ́ọ́ńtà, Bẹẹrẹ:
Àwa a máa ń sọ pé páànù ti jẹ. Bó pọ́n, bó funfun, ó ti jẹ náà ni.