Kí ni táímà ń mú gan-an?

Bísí:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tú ìwé ìlànà táímà inú maikirokọ́ntírólà sí Yorùbá, ibi tí wọ́n ti ń wọn bí àmì láti ìta ṣe pẹ́ tó. Mo pe ínpúùtì kápíṣọ̀ ní "ìgbàwọlé àmì". Olóòtú mi ní kò tọ̀nà, kò sì sọ ìdí. Kí ni kí n pè é?

Alàgbà Dúró:
Olóòtú rẹ ò purọ́. Àmì kọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Wo ATmega328P. Táímà kìíní rẹ̀ ń kà lọ láti òdo títí dé 65535, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò dúró de ẹnì kankan. Bí iná bá ti fò sókè lórí pínnì ICP1, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ṣe àdàkọ iye tó wà nínú òǹkà TCNT1 sínú ibi ìpamọ́ ICR1, á wá ta àsíá ICF1. Ètò tí a kọ lè máa ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Nígbà tó bá ráyè, á bá iye náà níbi tí wọ́n fi pamọ́ sí. Àmì ló pàṣẹ, ìgbà ni wọ́n mú. "Àdàkọ ìgbà" ni èmi ń lò.

Káyọ̀dé:
Ẹ ṣé, Alàgbà. Kí ló dé tí a ò lè pè é ní "ìdáago-dúró"? Lọ́dọ̀ tèmi, bí àmì bá ti gòkè, inú ìdílọ́wọ́, ètò kékeré tí àsíá náà ń pè, ni mo ti ń kọ òdo sínú TCNT1. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ohun tí mo bá bá nínú ICR1 ni ìbú rẹ̀, tààrà. Kò sí pé mò ń yọ iye kan kúrò nínú òmíràn. Ó sì ń ṣiṣẹ́.

Alàgbà Dúró:
Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Káyọ̀dé, àmọ́ ò ń jẹ díẹ̀ lára ìbú náà. Kí ìdílọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí ìlà tó ń kọ òdo, àmì ti gòkè ná. Àkókò yẹn ti ṣègbé. Bí ìdílọ́wọ́ mìíràn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó ṣègbé á tún pọ̀ sí i, nítorí náà ìwọ̀n rẹ á máa mì. Torí kí ìfàsẹ́yìn ètò má bàa wọ inú ìwọ̀n ni wọ́n ṣe dá ICR1 sílẹ̀. Má dá aago dúró. Jẹ́ kó máa lọ, kí o yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì:

```c
volatile uint16_t gbera, ibu;

ISR(TIMER1_CAPT_vect) {
  uint16_t t = ICR1;
  if (TCCR1B & (1 << ICES1)) gbera = t;
  else ibu = t - gbera;
  TCCR1B ^= (1 << ICES1);
  TIFR1 = (1 << ICF1);
}
```

Ká ní aago jẹ́ 16 MHz, tí a pín in sí mẹ́jọ. Ẹyọ kan nínú òǹkà jẹ́ ìdajì máíkírò sẹ́kọ́ńdì. Àmì sáfò gòkè nígbà tí òǹkà wà lórí 64200, ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wà lórí 1664. Lójú, ìyọkúrò yẹn á bọ́ sábẹ́ òdo. Nínú `uint16_t`, 3000 ló máa jáde, ìyẹn 1500 máíkírò sẹ́kọ́ńdì, bí sáfò ṣe fẹ́ ẹ láàárín gbùngbùn. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o: yíyí ICES1, tó ń yàn bóyá ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ ni a ń ṣọ́, padà lè ta àsíá fúnra rẹ̀, tí wàá fi ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀nà yìí ò lè ṣe. Bí àmì bá kúrú débi pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí ìdílọ́wọ́ tó yí ICES1, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. STM32 rọrùn níbẹ̀, nítorí ó lè fi ibi ìpamọ́ méjì ṣọ́ pínnì kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ìgòkè, ọ̀kan fún ìsọ̀kalẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Èmi ò mọ tẹ́ńpìlì iná yín, èdè ni mo wá tọ́. "Àdàkọ" tutù jù fún nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní wéréwéré. Ẹ fi "hán" ṣe é. Ohun tó ń kọjá lójú òfuurufú la máa ń hán: "ìhán ìgbà". Ẹ má sì fi "jágbà" dán an wò o, ẹni tí wọ́n bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ní in mọ́, òǹkà yín sì ń bá iye rẹ̀ lọ.

"Ìbú" yẹn náà ń dùn mí. Aṣọ ló ní ìbú, odò ló ní ìbú. Èyí tí ẹ ń sọ, pípẹ́ ni.

Káyọ̀dé:
Ká pè é ní "ìpẹ́" nígbà náà, ẹ̀yin màámi?

Ìyá Ìbejì:
Ìpẹ́ ti ara ẹja ńkọ́? Ohùn kan náà, àkọsílẹ̀ kan náà. "Ìpẹ́lókè" ni kí ẹ wí.

Alàgbà Dúró:
Ẹni tó bá wo àmì náà lójú sìkóòpù, ìbú ló rí, láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Èmi ò fi "ìbú" sílẹ̀.

Báyọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí n ti béèrè nípa fáànù mi? Fáànù kọ̀ǹpútà ni, ó ń ta àmì méjì ní yíyípo kan. Mo ń wọn láti ìgòkè dé ìgòkè. Tó bá yí ní 1200 ní ìṣẹ́jú kan, ó kà dáadáa. Tí mo bá dín in kù sí 900, ó ń kà bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo ti tan ICNC1 nítorí ariwo, kò yí padà.

Alàgbà Dúró:
Ìbéèrè Bísí kọ́ nìyí, àmọ́ jókòó. Ariwo kọ́. ICNC1 kàn ń dúró kó rí àmì bákan náà ní ìgbà mẹ́rin tẹ̀léra ni, ìyẹn ìdá mẹ́rin máíkírò sẹ́kọ́ńdì lórí 16 MHz. Ṣé mẹ́jọ ni o fi pín aago?

Báyọ̀:
Mẹ́jọ ni, sà.

Alàgbà Dúró:
Ó dáa. Ní 1200, àmì ń wá ní 40 Hz, àárín ìgòkè méjì sì gba ẹyọ 50000. Ó wọ inú òǹkà. Ní 900, ó di 30 Hz, tó ń béèrè ẹyọ 66667. Òǹkà ò gbà ju 65536 lọ kó tó yípo. Èyí tó ṣẹ́kù, 1131, ni o rí, o sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé fáànù ń sáré àsápajúdé. Ìyọkúrò inú `uint16_t` máa ń dárí ìyípo jì wá, bí gbogbo àárín náà ò bá ṣáà ti ju ìyípo kan lọ. Pín aago sí 64: ẹyọ kan á di máíkírò sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin, 900 rẹ á fún ọ ní nǹkan bí 8333.

Bísí:
Ẹ ṣeun. Kí ni kí n pe ìyípo náà? "Àkúnwọ́sílẹ̀" ni mo fi síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Kí ló dà nù? Òdo ló padà sí. "Ìpadàsódo". Fi àmì ohùn sí i dáadáa kí wọ́n má gbé e lọ sódò.

Káyọ̀dé:
Àmọ́ tí mo bá ń ka iye ìpadàsódo láti gba àmì tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìpadàsódo àti ìhán bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni kí n kà ṣáájú?

Alàgbà Dúró:
Wo ICR1 tí o mú. Bó bá kéré, tí àsíá TOV1 sì ti wà lókè, ìpadàsódo ló ṣáájú, fi ọ̀kan kún un. Bó bá tóbi, tó sún mọ́ 65535, ìhán ló ṣáájú. O sì rí i, mo ti ń sọ "ìhán".

Bísí:
"Ìhán ìgbà" ni mo máa fi ránṣẹ́ sí olóòtú. "Ìbú" àti "ìpẹ́lókè" ṣì wà lórí tábìlì, ẹ dá sí i o.