Lẹ́tà ẹ̀sùn lédè Gẹ̀ẹ́sì: báwo ni kò ṣe ní dà bí ẹ̀bẹ̀ tàbí èébú?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo kó kúrò nílé kan ní Ṣùúrùlérè, 150,000 náírà owó kọ́ṣọ̀n mi ṣì wà lọ́wọ́ ájẹ́ńtì. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà.

Bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyí: “Ẹ má bínú o, àbí ẹ fẹ́ gbé owó mi mì ni?” Lédè wa, ìbéèrè yẹn le tó, kò sẹ́ni tó máa rò pé èsì ni mo ń wá. Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di pé mo ń pè wọ́n lólè. “Ẹ má bínú” sì di pé èmi ni mo ṣẹ̀. Àbúrò mi tún un kọ, ló bá ki “plíìsì” mẹ́rin bọ̀ ọ́. Lórí owó ara mi!

Ní báyìí mo ti yọ gbogbo ìbéèrè kúrò. Mo kọ ọjọ́ tí mo sanwó, nọ́ńbà rìsíìtì, ọjọ́ tí mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, àti pé wọn ò fún mi ní àkọsílẹ̀ ohunkóhun tí mo bà jẹ́.

Ìparí ló dà mí láàmú. Bí owó ò bá wọlé láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìlàjà ìjọba Èkó. Ṣé “màá lọ” ni kí n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àbí “ó ṣeé ṣe kí n lọ”? Ṣé “Sà” ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ti tó fún àgbàlagbà?