Ọmọ tó ń ka ìràwọ̀: ọgọ́rùn-ún ló máa ń pin sí. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Àǹtí_Ṣakí: Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, ló fẹ́ ka ìràwọ̀ tán. Ní Ṣakí níbí, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ojú ọ̀run á kún bámú. A tẹ́ ẹní síta, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ìka sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ń dún geere títí ó fi dé ọgọ́rùn-ún, ìka rẹ̀ wá dúró gbọin. "Àǹtí, ṣé mo ti ka èyí àbí mi ò tíì kà á?" Kí ni kí n wí? Ó padà sí ení. Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí nídìí àtùpà ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé aládùúgbò. Ọgọ́rùn-ún náà ni. Ó sunkún wọlé. Kí la ó ṣe sí i?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Èkó ni mo wà. Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? Níbi tí mo wà, ìka ọwọ́ mi tó o.

Bùkọ́lá_K: Ọ̀run ló ń yí, ìyá. Kí ó tó dé ọgọ́rùn-ún, èyí tó kọ́kọ́ kà ti ṣípò.

Tíṣà_Àgbà: Ó ń yí lóòótọ́, Bùkọ́lá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dà á rú. Láàárín wákàtí kan, ìràwọ̀ kì í rìn ju dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta tó yí ọ̀run ká. Gbogbo wọn ló sì ń rìn pọ̀, àlàfo àárín wọn kò yẹ̀. Ojú ọmọ ni kí ẹ wò. Ìràwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn gan-an, á pòórá. Tó bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á padà yọ. Ẹni tó bá ń ka nǹkan tó ń farahàn tó sì ń pòórá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó kà? Ẹ sọ fún ìyá wa kó pa àtùpà. Ojú nílò bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn kó tó ríran dáadáa.

Àǹtí_Ṣakí: Pa àtùpà! Ẹ̀yin ẹ wá bó ẹ̀gúsí náà fún màmá nínú òkùnkùn.

Gbénró: 😂😂

Adéṣẹ̀wà: Èmi rò pé ẹnu ló ń dá a dúró, kì í ṣe ojú. Ẹ kà á sókè: ọgọ́rùn-ún, ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún, èjìlélọ́gọ́rùn-ún. Kí ó tó pe orúkọ náà tán, ìka ti yẹ̀. Tó bá sì kọjá ẹ̀rinlélọ́gọ́rùn-ún, aárùndínláàdọ́fà ló kàn. Ọmọ tí kò mọ àádọ́fà, kí ló fẹ́ yọ àrún kúrò nínú rẹ̀?

Gbénró: Ẹ jẹ́ kó fi òyìnbó kà á, ó tán.

Adéṣẹ̀wà: Gbénró, ọmọ náà á tún sọ kíkà rẹ̀ nù ní hándírẹ́ẹ̀dì náà. Ṣé òyìnbó ń ka ìràwọ̀ tán ni?

Ìyá_Olówó_Ẹyọ: Òkúta ni kó lò! Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ẹyọ owó, wọn kì í kà á lọ gbọọrọgbọ. Ogójì sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá. Kí ọmọ náà ka ogún, kó ju òkúta kan sínú abọ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kò ní dé ọgọ́rùn-ún láéláé, abọ́ ni yóò rántí fún un.

Bùkọ́lá_K: Àmọ́ èyí tó ti kà ńkọ́? Òkúta kò mọ ìràwọ̀.

Tíṣà_Àgbà: Òótọ́ nìyẹn. Ẹ wá ká bébà líle, kó rí bí fèrè: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 14, ẹnu rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4. Tí ọmọ bá gbé e sójú, ibi tó ń rí jẹ́ bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀run tó wà lókè wa. Ibi mẹ́wàá ni kó wò, lókè, nísàlẹ̀, kó má ṣa ibi tó kún nìkan. Kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ká ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 137, ìràwọ̀ tó ń rí á tó 1,370. Ìṣirò gbà-bẹ́ẹ̀ ni o. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bo ọ̀run, tàbí tí òṣùpá bá kún, iye náà á já wálẹ̀ gan-an.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Mo ti wo tèmi. Àpapọ̀ ibi mẹ́wàá: mẹ́ta. Ọgbọ̀n ìràwọ̀ ni ìjọba fún wa.

Àǹtí_Ṣakí: Ó ti gba bébà lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀kan ń rìn lọ láìṣẹ́jú, ó ti kọjá sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ṣé kó kà á?

Tíṣà_Àgbà: Sátẹ́láìtì ni, kó má kà á.

Gbénró: Kó kà á jàre, ó tàn bíi tàwọn yòókù.